Àwòrán Ìyá Mi Kékeré Lábẹ́ Ẹ̀sùn Ẹlòmíì: Bí A Ṣe Bẹ Onípéèjì Kó Tún Ọ̀rọ̀ Ṣe

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní alẹ́ Ọjọ́rú, péèjì kan tó máa ń gbé ìròyìn Ìjẹ̀bú sórí Fesibúùkù kọ ọ́ pé obìnrin aláṣọ kan ní ọjà Òkè-Àjé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ti kó owó aṣọ tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, dá fún Ojúde Ọba sá lọ. Àwòrán méjì ló wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan jẹ́ ti ọjà. Èkejì jẹ́ ti ìyá mi kékeré, àbúrò ìyá tó bí mi, níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí pátákó ṣọ́ọ̀bù sì hàn gedegbe lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tún kọ orúkọ tó wà lára pátákó yẹn sínú ìròyìn náà.

Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí lásìkò yẹn. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ló ti yan aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ kí Awújalẹ̀, owó sì ti wà lọ́wọ́ àwọn aláṣọ láti oṣù bíi mélòó kan. Kò sí ohun tó lè tètè da ọjà rú lásìkò náà ju kí a gbọ́ pé aláṣọ kan ti sá. Ìyá mi kékeré ò gba owó ẹgbẹ́ kankan lọ́dún yẹn, àwọn oníbàárà tó ń san owó léèsì díẹ̀díẹ̀ nìkan ló ní. Kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mẹ́ta nínú wọn ti dé láti gba owó wọn padà. Ó san án fún wọn láìjiyàn. Ó ní bí òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, àlàyé yẹn ni wọn yóò fi dá òun lẹ́bi.

Èmi ni wọ́n pè, nítorí pé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe, tí wọ́n sì gbà pé mo mọ ọ̀rọ̀ kọ. Kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti bú onípéèjì náà nínú kọ́mẹ́ǹtì. Ó pè é ní òpùrọ́, ó pè é ní ọmọ burúkú, ó sì ní kó múra sílẹ̀ fún ọlọ́pàá. Mi ò bá a wí púpọ̀, ìyá rẹ̀ ni wọ́n kàn lábùkù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo abẹ́ kọ́mẹ́ǹtì yẹn, ènìyàn mẹ́rìndínlógún ló ti dá a lóhùn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ń sọ pé ẹni tó bá mọ́ kì í pariwo báyìí. Ohun tó tún burú ni pé bí àwọn ènìyàn bá ṣe ń bára wọn jà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kan lórí Fesibúùkù ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń tún jáde sójú àwọn tí kò tíì rí i. Ìjà tó ń jà fún ìyá rẹ̀ ló ń gbé àwòrán ìyá rẹ̀ kiri. Mo bẹ̀ ẹ́ kó pa kọ́mẹ́ǹtì náà rẹ́. Bó sì ti pa á, gbogbo ìdáhùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá a lọ.

Àmọ́ kó tó pa á rẹ́, mo ti ya àwòrán gbogbo rẹ̀ pamọ́ láti ojú fóònù. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹni tó bá fò ó yóò kábàámọ̀. Mo ya ibi tí orúkọ péèjì, ọjọ́ àti wákàtí ti hàn pọ̀. Mo tẹ “See more” kí ọ̀rọ̀ náà lè ṣí tán, mo ya á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ya àwòrán ìyá mi kékeré bó ṣe wà níbẹ̀, mo sì ya iye ènìyàn tó ti pín in, tó jẹ́ 214 lásìkò yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà ní igun òkè, mo mú “Copy link”, mo sì lẹ líǹkì yẹn síbi tí n ò ní sọ ọ́ nù. Àwọn ènìyàn máa ń fi líǹkì péèjì ránṣẹ́ dípò líǹkì ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kàn wọ́n. Péèjì tó ń gbé ìròyìn mẹ́jọ jáde lójúmọ́ ò ní wá tirẹ̀ kàn fún ọ. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ lóyà ládùúgbò wa tún ní kí n kọ orúkọ fóònù tí mo fi yà á àti wákàtí tí mo yà á sílẹ̀, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní ẹsẹ̀ 84, ń béèrè ìwé ẹ̀rí nípa ẹ̀rọ tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti jáde wá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. A ò sì fẹ́ kó dé ibẹ̀.

Ohun tó gbà wá lákòókò jù ni pé ká mọ ohun tó jẹ́ àṣìṣe gan-an. Ìyá mi kékeré fẹ́ kí n kọ ọ́ pé irọ́ ni gbogbo ìròyìn náà. Mo bi í bóyá ó dá a lójú pé kò sí aláṣọ kankan tó kó owó ẹgbẹ́ lọ. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́ nǹkan kan nípa obìnrin kan ní ìlà kejì. Ó lè jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni irọ́ nìyẹn. Àwòrán kan àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù kan ló jẹ́ àṣìṣe. Bí a bá kọ ọ́ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, tí onípéèjì sì ní ẹ̀rí pé owó kan sọnù lóòótọ́, a ti sọ ara wa di òpùrọ́ lójú rẹ̀ láti gbólóhùn àkọ́kọ́, kò sì ní ka ìyókù.

A tún jọ sọ̀rọ̀ lórí bóyá ká ní kó pa á rẹ́ pátápátá tàbí kó tún un ṣe. Ìparẹ́ ni gbogbo ilé ń fẹ́, èmi náà fẹ́ ẹ níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ronú nípa àwọn 214 tó ti pín in. Bí onípéèjì bá pa á rẹ́, ohun tí yóò kù lójú ewé wọn ni “This content isn't available right now”, àlàyé abẹ́ rẹ̀ sì máa ń sọ pé ó lè jẹ́ pé ẹni tó ni ín ti dín iye àwọn tó lè rí i kù, tàbí pé wọ́n ti pa á rẹ́. Ẹni tó ti kà á lánàá ò ní mọ̀ pé àṣìṣe ni. Yóò sọ pé wọ́n ti fún onípéèjì lówó ni. Bó bá jẹ́ pé ó tún un ṣe, ọ̀rọ̀ tuntun náà ni yóò hàn ní gbogbo ibi tí wọ́n ti pín in sí, láìjẹ́ pé a bẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àléébù wà nínú ìyẹn náà. Ẹni tó bá tẹ “View edit history” lè ka ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀bù yóò sì wà nínú rẹ̀. Ìpinnu wa ni pé kó kọ́kọ́ tún un ṣe, kó jẹ́ kí àtúnṣe náà wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí àwọn tó pín in lè rí i, lẹ́yìn náà kó wá pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n a ò kó gbogbo rẹ̀ lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ń jó wá lára, àwòrán àti orúkọ, la kọ́kọ́ béèrè.

Ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ nìyí, nínú ìkọ̀kọ̀, kì í ṣe nínú kọ́mẹ́ǹtì. Orúkọ mi nìkan ni mo yọ kúrò:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n obìnrin tó wà nínú àwòrán kejì lábẹ́ ìròyìn tí ẹ gbé jáde lálẹ́ àná, Ọjọ́rú, ní aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni mí. Líǹkì rẹ̀ nìyí. Obìnrin yìí kọ́ ni ẹni tí ìròyìn náà ń sọ. Kò gba owó aṣọ lọ́wọ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kankan lọ́dún yìí, inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló sì wà bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ àwòrán kejì kúrò, kí ẹ sì yọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ìyókù ìròyìn yín kò kàn wá, a kò sì sọ nǹkan kan sí i. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ pè mí ní nọ́ńbà yìí. Àwọn oníbàárà ti ń gba owó wọn padà lọ́wọ́ rẹ̀, inú wa yóò dùn bí ẹ bá lè bá wa ṣe é lónìí. Ẹ ṣeun.”

Kò sí ọlọ́pàá nínú rẹ̀, kò sí kóòtù, kò sì sí èpè. Ìyá mi kékeré fẹ́ kí n fi Ọlọ́run tó ń dájọ́ sí i, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a dúró. Ẹni tí a bá kọ́kọ́ halẹ̀ mọ́ yóò pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó tó ronú nípa àṣìṣe rẹ̀, kò sì sí ohun tó lè dí wa lọ́wọ́ láti pe lóyà lọ́jọ́ kejì.

Aago méjì ọ̀sán ni mo fi í ránṣẹ́. Títí di alẹ́, kò sí èsì. Ó ṣeé ṣe kó má tilẹ̀ tíì rí i, torí pé ọ̀rọ̀ ẹni tí péèjì kò mọ̀ rí lè lọ jókòó síbi tí wọn kì í ṣí lójoojúmọ́. Mo wo abala tí wọ́n ti kọ nípa péèjì náà, mo rí nọ́ńbà tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìpolówó ọjà. Mi ò pè é lóru. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, ni mo pè. Ọ̀dọ́mọkùnrin ló gbé e. Mo kí i, mo bi í bóyá ó ráyè, mo sì sọ fún un pé mo ti fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí péèjì wọn, pé kó dákun wò ó kí a tó sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kó ka èyí tí mo fara balẹ̀ kọ, kí ohùn mi má bàa gbóná lórí fóònù.

Ó pè mí padà láàárín wákàtí kan. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀yin kì í ṣe ẹni tí obìnrin náà rán níṣẹ́?” Ìbéèrè tó tọ́ ni. Àwọn tó bá hùwà ibi náà máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ àwòrán àwọn. Ó ní kí n fi nọ́ńbà NIN ìyá mi kékeré ránṣẹ́. Mo kọ̀ fún un pẹ̀lú sùúrù. Ẹni tí ò mọ̀ wá rí kò nílò NIN wa, kò sì ní ohun tí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní kó jẹ́ kí ìyá fúnra wọn bá a sọ̀rọ̀ lórí fídíò láti inú ṣọ́ọ̀bù. A ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ó rí pátákó, ó rí ìyá mi kékeré lẹ́yìn káńtà, ó rí àwọn obìnrin aláṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó ń pe orúkọ wọn. Ìyá mi kékeré ò bú u. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, o ò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ̀ ẹ́. Bá mi yọ ojú mi kúrò níbẹ̀.” Ohùn wọn gbọ̀n nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Èmi tí mo di fóònù mú, mo yí ojú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìgbà yẹn ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan ló fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí Wáṣáàpù pé “ìyá aláṣọ ní Òkè-Àjé” ti sá. Ó wá aláṣọ Òkè-Àjé kiri lórí Fesibúùkù, àwòrán tí ọmọ ìyá mi kékeré obìnrin gbé jáde lọ́jọ́ ìbí ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí, ó sì mú un. Ìyẹn ni gbogbo ìwádìí tó ṣe. Inú bí mi, n ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣàlàyé bí òun ṣe ṣi í ti gbà pé òun ṣi í, ó sì kù díẹ̀ kó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, “Ta wá ni ẹni náà gan-an?” Mo ní mi ò mọ̀. Ohun tí ìyá mi kékeré gbọ́ nípa obìnrin ìlà kejì jẹ́ ohun tí wọ́n gbọ́ lásán, bí ohùn Wáṣáàpù yẹn ṣe jẹ́ ohun tí òun náà gbọ́. Bí mo bá fún un ní orúkọ kan kó lè fi í rọ́pò tiwa, mo lè ti gbé ẹlòmíì sí ibi tí ìyá mi kékeré ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò.

Ó ní òun yóò tún un ṣe. Ní ọ̀sán, mo ṣí i. Ó ti yọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti fi “a gbọ́ pé” síwájú gbólóhùn àkọ́kọ́. Àwòrán ṣì wà níbẹ̀. Ó rò pé “a gbọ́ pé” ti tó. Kò tó rárá, nítorí pé ẹni tó bá rí ojú ènìyàn lábẹ́ “a gbọ́ pé olè ni” ti mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Lóyà wa pàápàá ní ojú nìkan ti tó fi dá ènìyàn mọ̀, bí wọn ò tilẹ̀ kọ orúkọ kankan. Mo kọ̀wé lẹ́ẹ̀kejì, mo kọ́kọ́ dúpẹ́ fún èyí tó ti ṣe, nítorí pé ó tọ́ sí i. Mo wá sọ pé àwòrán kejì ló kù, àti pé níwọ̀n bí àwòrán ti jẹ́ méjì, ó lè pa ọ̀kan yẹn nìkan rẹ́ láìfọwọ́ kan ìròyìn náà. Mo sì kọ ọ̀rọ̀ àtúnṣe fún un, kó má bàa máa wá ohun tí yóò kọ:

“Àtúnṣe: Àwòrán obìnrin kan àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà nínú ìròyìn yìí tẹ́lẹ̀ jẹ́ àṣìṣe tiwa. Obìnrin náà kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí. A ti yọ wọ́n kúrò, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sí òkè pátápátá, ṣáájú ìròyìn. Bó bá wà nísàlẹ̀, abẹ́ “See more” ni yóò sá sí, ìwọ̀nba ènìyàn ló sì máa ń tẹ ìyẹn. Ẹ óò sì rí i pé orúkọ ìyá mi kékeré kò sí nínú ọ̀rọ̀ àtúnṣe, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé “Ìyá Lágbájá kì í ṣe olè”. Ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí yóò ka orúkọ ìyá rẹ̀ àti “olè” nínú gbólóhùn kan náà, yóò sì gbàgbé “kì í ṣe”.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwòrán ti kúrò, àtúnṣe sì ti wà lókè. Mo wò ó láti orí fóònù ẹlòmíì tó ti pín in, ọ̀rọ̀ tuntun ló hàn níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ “View edit history” fún un. Òun náà ò mọ̀ nípa rẹ̀. Ó gbà láti jẹ́ kó wà títí di alẹ́ ọjọ́ Àìkú kó tó pa á rẹ́, ó sì gbé àtúnṣe kan náà jáde lọ́tọ̀ kó lè dúró. Ó ṣe bó ṣe wí.

Wáṣáàpù ni agbára wa ò ká tán. Ẹnì kan ti ya ìròyìn àkọ́kọ́ pẹ̀lú àwòrán, ó sì ti gbé e sí gúrúùpù ọlọ́jà. Àtúnṣe orí Fesibúùkù kò lè fọwọ́ kan ìyẹn láé. A wá alábòójútó gúrúùpù náà, obìnrin tó ń ta bàtà, a sì fi àtúnṣe hàn án. Alábòójútó lè pa ohun tí ọmọ gúrúùpù gbé síbẹ̀ rẹ́ kúrò lójú gbogbo wọn, ó sì ṣe é, ó gbé àwòrán àtúnṣe sí ipò rẹ̀. Àwọn gúrúùpù tó ti gbà á láti ibẹ̀ lọ, a ò mọ iye wọn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tẹ àtúnṣe náà sórí pépà, pẹ̀lú orúkọ péèjì àti ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde, ìyá mi kékeré sì fi í sínú dúrọ́ọ̀ káńtà. Wọn ò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹni tó bá béèrè nìkan ni wọ́n ń fi hàn.

Nínú àwọn mẹ́ta tó gba owó wọn, méjì padà wá kí Iléyá tó dé. Ẹnì kẹta, tó gba náírà 18,000, kò tíì padà. Ọmọ ìyá mi kékeré obìnrin ti ti àwọn àwòrán orí Fesibúùkù tirẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ìyá mi kékeré bá ẹgbẹ́ tirẹ̀ jáde, wọ́n sì ya àwòrán púpọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ ya tiwọn, wọ́n kọ́kọ́ bi mí pé, “Níbo lo máa gbé e sí?”